Ẹ Yéé Ka Ẹ̀fẹ̀ fún Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá jà. Ẹni tó bá gbé fóònù sókè níbi ìyàwó, tó ń ka ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lápàárá. Ìwé ló ń kà. Bí àwọn èèyàn ò bá sì rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ará Ìkìrun le, kò sì gbọdọ̀ máa bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?" Wọ́n gbọ́ ọ. Ohun tó kà ni kò ṣeé gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré lọ́dọ̀ tèmi. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, títí dé Òkukù, kò sí ọjọ́ Sátidé tí ìnáwó ò sí. Àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í fi fóònù ṣe é, ẹnu ni wọ́n ń lò. Àwọn ọ̀dọ́ adarí ètò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mò ń bá wí, àwọn ẹgbẹ́ wa. Wọ́n á ka ẹ̀fẹ̀ Yorùbá méjì, gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ fẹ́ẹ́, ni wọ́n á bá sáré bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní èdè Yorùbá ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn, tó wọ aṣọ ẹbí, tó dáwó, kò wá rí ẹ̀fẹ̀ kankan mú lọ sílé. Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ìwé sí èdè lọ́rùn.

Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni. Pé ẹni tí Ọlọ́run ò fún lẹ́nu, kó jókòó. Èmi ò gbà. Mo mọ àwọn tí ẹnu wọn dùn bí oyin lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n bá gbé fóònù dání báyìí tí wọ́n ń kà, tí wọ́n á dà bí ẹni tó ń ka bíbà. Ẹnu kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n gbé lé ẹnu náà. Ojú ni wọ́n kọ ọ́ fún, etí ni wọ́n wá gbé e fún.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo fi ń jẹun, nítorí náà orí sìkírìnì ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lórí sìkírìnì, bí nǹkan bá fò ọ́, wàá fi ìka fa ojú ìwé padà sókè, wàá tún un kà. O máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, torí pé àmì àyọlò wà níbẹ̀. O máa rí àwọn ojú kéékèèké tó ń fi ẹ̀rín sunkún nísàlẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún ọ pé ibí ni kó o ti rẹ́rìn-ín. Etí ò ní ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tó bá ti kọjá létí ti kọjá nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀fẹ̀ kan ká tú u palẹ̀. Èmi ni mo hun ún, kí n má baà fi ti ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí irú ẹ̀ lójú fóònù yín. Bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́:

"Obinrin kan fi atejise ranse si iya re pe, 'Maami, oko mi ti baje. O ti su mi. Mo fe ta a.' 'Baba e ni mo n tun se lati ogbon odun, mi o ta a,' ni iya re da a lohun."

Ẹni tó bá kà á lójú fóònù á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ wá gbé e fún adarí ètò kó kà á sókè. Yóò kú. Ibi mẹ́ta ló ti kú, ẹ jẹ́ ká tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní ni "oko" yẹn. Lójú ìwé tí kò ní àmì, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ọkọ tí obìnrin fẹ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí èèyàn ń wà, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè, ó lè jẹ́ oko fúnra ẹ̀. Ojú lè gbé ọkọ àti ọkọ̀ dání lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn ẹ̀fẹ̀ náà wà. Ẹnu ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde lẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ mú ohùn kan. Bí o bá pè é ní ọkọ̀, ìdáhùn ìyá ò ní ìtumọ̀ mọ́, àwọn èèyàn á máa wo ara wọn. Bí o bá pè é ní ọkọ, o ti parọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ìyá á sì di ìmọ̀ràn lásán. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti wọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá láàárín méjì, kí wọ́n má pè é síbì kankan. Ìyẹn ló burú jù, torí etí Yorùbá ò gbà á. Ńṣe ló máa dà bí òyìnbó tó ń kọ́ èdè.

Àtúnṣe ẹ̀ ni pé kí o pín ohùn méjèèjì fún ẹni méjì. Ìwọ tí ò ń sọ ìtàn, ọkọ̀ ni kó o máa pè, kó o sì pè é débi tí kò ní sí àníàní: sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, mẹ́nu kan injínnì ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o jẹ́ kí ìyá fúnra ẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè, kí òun sì pè é ní ọkọ. Ẹ wo ohun tó ti yí padà níbẹ̀. Nínú ìwé, òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ náà ṣì lọ́nà. Lẹ́nu, ìyá ló ṣì lọ́nà, àwa tá à ń gbọ́ sì mọ̀. Kò sí ìyàlẹ́nu lára "ọkọ" mọ́. Ohun tí gbogbo gbọ̀ngàn á wá máa retí ni pé: kí ni ìyá yìí máa sọ báyìí? Nítorí náà, gbogbo ẹ̀rín ẹ̀fẹ̀ náà ti ṣí kúrò lórí "oko", ó ti lọ dúró sí ìdáhùn ìyá. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó ti ṣí á ṣì máa tẹ "oko" mọ́lẹ̀, á máa ṣẹ́jú sí àwọn èèyàn, á máa dúró de ẹ̀rín tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìkejì ni bí wọ́n ṣe to ìdáhùn yẹn. "Bàbá ẹ ni mo ń tún ṣe láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò tà á." Ẹ̀dá gbólóhùn yìí dára. Yorùbá ni gan-an: ohun tá a bá fẹ́ tẹnu mọ́, a máa ń gbé e síwájú, ká wá fi "ni" tì í lẹ́yìn. Àyàn ni mo rí, kì í ṣe Àkàndé. Nínú àríyànjiyàn, kò sí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀fẹ̀, ó ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín jáde kí wọ́n tó tẹ́ ẹní fún un. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mò ń pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ pé tó bá jáde, gbogbo ìtàn á yí padà. Níbí, "bàbá ẹ" ni. Tó bá kọ́kọ́ jáde, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé títúnṣe la ń sọ, torí náà kò sí ohun tó yí padà. Àwọn tó yára gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nígbà tí o bá dé "tún ṣe", ẹ̀rín wọn á bo ìyókù mọ́lẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa béèrè pé kí ló wí. Ẹ̀rín tó já sí méjì báyìí kì í pọ̀ mọ́.

Kí lẹ máa ṣe? Ẹ yí i padà: "Èyí tí mo ń tún ṣe láti ọgbọ̀n ọdún, bàbá ẹ ni." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "ni" ṣì wà níbẹ̀, ìtẹnumọ́ ò sọnù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ti ṣáájú, ọgbọ̀n ọdún ti ṣáájú, "bàbá ẹ" ló kẹ́yìn. Èdè wa ló fún wa láyè yìí, kò sóhun tá a fi tipátipá ṣe. Òfin tèmi ni pé kò gbọdọ̀ sí ohun tó wúwo ju "ni" lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. "Mi ò tà á" tó wà níparí yẹn, ẹ gé e dànù. Bó bá ṣe pàtàkì, ẹ gbé e síwájú.

Ìkẹta ni "ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn". Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń ròyìn ìjà ọjà, tó ní, "'Máa lọ,' ni ó wí fún un"? Inú ìwé ni gbólóhùn yẹn ń gbé. Lẹ́nu, "ó ní" ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀, kì í tẹ̀ lé e. Tí o bá fi sí ìparí, gbogbo ẹ̀rín á ti fẹ́ bú jáde, o tún ń fà wọ́n sẹ́yìn láti wá sọ fún wọn pé ìyá ló sọ ọ́, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro míì tún wà nínú "ó" yìí tí àwọn tó ń túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, ó ní òmíràn fún obìnrin. Nínú ìtàn tọkọtaya, kò sẹ́ni tó máa ṣì wọ́n mú. Àwa, "ó" ni ọkọ, "ó" ni ìyàwó, "ó" ni ìyá ìyàwó, àní ọkọ̀ tó bàjẹ́ náà, "ó" ni. "Ó ní kó wá wò ó pé ó ti bàjẹ́." Ta ló ní kí ta wá wo kí ni? Òǹkàwé á padà sókè lọ wò ó. Olùgbọ́ á kàn jẹ́ kó lọ ni, á máa mu mínírà ẹ̀. Nítorí náà, nínú ẹ̀fẹ̀ ẹlẹ́nu, ẹ má bẹ̀rù láti máa tún orúkọ pè. Ìyá wò ó. Ìyá jókòó. Ìyá pè é. Nínú ìwé, olóòtú á fagi lé e pé àsọtúnsọ ti pọ̀ jù. Lẹ́nu, òun ló ń di ìtàn mú.

Tó bá sì jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń fèsì síra wọn, ẹ jẹ́ kí ìpè wọn sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Màámi", ọmọ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọmọ mi", ìyá ni. Ẹ ò nílò "ó ní, ó ní" mọ́. Gbénga Adébóyè, tó kú ní ọdún 2003, máa ń ṣe ohùn èèyàn púpọ̀ lórí rédíò láìsí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a sì ń mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìrí ojú ẹnì kankan. Gbogbo wa kọ́ la lè yí ohùn padà bíi tiẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ohùn padà, kó má ṣe é tipátipá. Kó fi ìpè ṣe é. "Màámi" kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ tí àyípadà ohùn ń ṣe.

Ó yá, ẹ gbọ́ bí èmi á ṣe sọ ọ́:

"Ọmọbìnrin kan wà ní Ìnísà, ó ní ọkọ̀ Kòrólà kan. Ọkọ̀ yìí, tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kan, injínnì ẹ̀ kú sójú títì, lọ́sàn-án gangan. Inú bí ọmọ. Ó yọ fóònù, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ ní Òkukù. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi àmì sí nǹkan tá a bá ń tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá wọ awò ojú. Ìyá kà á. 'Màámi… ọkọ mi ti bàjẹ́… ó ti sú mi… mo fẹ́ tà á.'

"Ìyá jókòó. Ìyá pè é. 'Ọmọ mi, wọn kì í tà á. Ńṣe ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Gbogbo wa là ń tún tiwa ṣe. Èyí tó wà ní pálọ̀ mi níbí, tí mo ń tún ṣe láti ọgbọ̀n ọdún, tí kò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa… bàbá ẹ ni.'"

Ẹ má sọ fún mi pé ó ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ó tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti gùn. Gbogbo ohun tí mo fi kún un, iwájú ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló wà. Ẹ̀yìn ẹ̀, kò sí nǹkan kan. Kòrólà àti injínnì wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ má baà ṣe é ṣì gbọ́. Awò ojú wà níbẹ̀ kí ẹ lè rí ìyá tó ń kàwé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè gbà pé ó lè ṣì í kà. "Gbogbo wa là ń tún tiwa ṣe" wà níbẹ̀ kí àwọn ìyàwó ilé lè bẹ̀rẹ̀ sí í mira, kí wọ́n ti gbára dì. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ìwé fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrú torí ojú máa ń yára. Etí fẹ́ àsìkò.

Ẹ sì kíyè sí ohun tí mo sá fún. Kò síbi tí mo ti ní kí wọ́n "ta ọkọ" tàbí "ta ọkọ̀". Lẹ́nu, méjèèjì máa ń sún mọ́ra, fáwẹ̀lì kan á wọ inú èkejì: "tọkọ", "tọkọ̀". Ohùn ìparí nìkan ló kù tó yà wọ́n. Ohùn ìsàlẹ̀ níparí gbólóhùn sì máa ń rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, òun gan-an ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn máa ń gbé mì. Ẹni tó bá gbé ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ kọ́ orí ohùn kan ṣoṣo níparí gbólóhùn ti gbé ẹyin lé orí ìpàkọ́ ẹṣin.

Àwọn onílù ti mọ èyí kí a tó mọ̀ ọ́n. Dùndún lè pe ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì. Lójú ìlù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ ogún ọ̀rọ̀. Nítorí náà, àyàn tó mọṣẹ́ kì í ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kó máa rìn lóun nìkan. Oríkì ló máa fi ránṣẹ́, tàbí òwe tí gbogbo ìlú ti mọ̀, kí àwọn ọ̀rọ̀ tó kù lè tọ́ka sí èyí tó ń pè. Ohun tí Kòrólà àti injínnì ṣe fún ọkọ̀ nìyẹn. Bí adarí ètò bá wo onílù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dáadáa, á rí olùkọ́.

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ nìkan ni mò ń sọ. Àwọn ìtàn kéékèèké tá a fi ń ṣí ètò, tá a fi ń yin ìlú, àrùn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ẹ wo ìtàn ìlú wa yìí. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí: "Ogun Jálumi ni ogun tí wọ́n jà ní Ìkìrun ní ọdún 1878, níbi tí àwọn tó ń sá ti já sínú odò Ọ̀tìn." Òótọ́ ni. Fún ìdánwò, ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kẹ́yìn ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Olùgbọ́ ti gbọ́ "Jálumi" kó tó mọ̀ pé odò wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tí odò bá wá dé, kò tún ní lọ so ó mọ́ orúkọ tó ti kọjá.

Èèyàn kú nínú ìtàn yìí, kì í ṣe ohun tá a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ẹ̀ ní ibi tó ti ń já, bí ẹ̀fẹ̀ ṣe ní. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ní ọdún 1878, Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbé ogun wá sí Ìkìrun. Ìbàdàn wá gbèjà ìlú, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú. Ìbàdàn borí. Àwọn tó kù sá. Wọ́n sá títí, wọ́n dé etí odò Ọ̀tìn. Ogun ń bọ̀ lẹ́yìn, odò wà níwájú. Wọ́n já lu omi. Ẹ bi ará Ìkìrun lónìí pé kí lorúkọ ogun yẹn. Já lu omi. Jálumi."

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ pè é lọ́rọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà kejì, ẹ jẹ́ kí ẹnu sún un pọ̀ fúnra ẹ̀. Ọmọ tó ti ń gbọ́ "Jálumi" láti kékeré bí orúkọ lásán á gbọ́ omi nínú ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwé ò lè ṣe èyí, torí ojú máa ń rí orúkọ náà bí odindi kan. Ẹnu nìkan ló lè tú u kó tún dì í. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìwé ló ń fún ẹnu ní nǹkan ní gbogbo ìgbà. Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé dì pa, tó ń retí ẹnu.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní mo ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, pé ẹni tó kọ ẹ̀fẹ̀ ló mọ ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká kà á bó ṣe wà. Mo fẹ́ kí wọ́n wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa. Nígbà ayé Oyin Adéjọbí, ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀ kì í kọ́ ọ̀rọ̀ eré sórí láti inú ìwé. Wọ́n mọ ìtàn, wọ́n mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, àwọn òṣèré á wá fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n á sì máa fẹ̀ ẹ́ níbi tí àwọn òǹwòran bá ti dáhùn. Nígbà tí Karin Barber, òyìnbó tó ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù, àti Báyọ̀ Ògúndíjọ fẹ́ sọ mẹ́ta nínú àwọn eré náà di ìwé tó jáde ní 1994, wọ́n ní láti gba ohùn sílẹ̀, kí wọ́n tẹ́tí, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n ṣàlàyé. Gbogbo ayé gbà pé iṣẹ́ ńlá ni láti gbé ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu lọ sínú ìwé. Kí ló dé tí ẹ rò pé láti inú ìwé padà sẹ́nu, kò gba iṣẹ́ kankan? Ọ̀nà kan náà ni. Òkè tó wà nígbà àlọ ṣì wà níbẹ̀ nígbà àbọ̀.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fẹ̀ ló ṣeé gbé kọjá. Ẹni tó tẹ "Mo n bo" láìfi àmì sí i lè jẹ́ ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó ń bọ òrìṣà, ẹni tó ń bọ́ ọmọ tàbí ẹni tó ń bó ọsàn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà ò ju pé a ò mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn, ẹ fi sílẹ̀ sójú fóònù, ibẹ̀ nilé ẹ̀. Àfi tí ẹ bá rí ẹnì kan nínú ìtàn tó lè ṣì í kà, tó sì ní ìdáhùn tó dùn ju àṣìkà náà lọ. Tí kò bá sí ìdáhùn, kò sí ẹ̀fẹ̀ ẹlẹ́nu níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó jẹ́ pé àwòrán tàbí lẹ́tà ńlá ló gbé e ró, bákan náà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé? Ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí yín, ẹni tó ń din àkàrà tàbí tó ń fọ aṣọ. Ẹ sọ ẹ̀fẹ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀kan, láìsí fóònù lọ́wọ́, láìṣe ojú. Bó bá béèrè láàárín pé "Ta ni?", "ó" yín ti pọ̀ jù, ẹ dá orúkọ padà. Bó bá parí tó ní "Kí ló wí?", ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni kò gbọ́, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀, tàbí ohùn kan ṣoṣo lẹ gbé e kọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó parí, ẹ dúró síbẹ̀! Ohun tó kù lẹ́nu yín, ẹ gé e. Bó bá ní "Ó da," tó ń bá àkàrà ẹ̀ lọ, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ni kò sí. Ìdáhùn mẹ́rin, àrùn mẹ́rin, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ìkọ̀ọ̀kan. Nínú iṣẹ́ mi, bí ètò kan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a kì í sọ pé ẹni tó ń lò ó ló le. A máa ń lọ wo ìlà tó ti kọ̀.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi tí mo bá gbọ́ pé Yorùbá ò pani lẹ́rìn-ín mọ́. Èdè tó ní "ni" tá a lè gbé síwájú tàbí sẹ́yìn bó ṣe wù wá, tó ní ohùn mẹ́ta, tó jẹ́ pé ìpè kan ṣoṣo máa sọ ọjọ́ orí, ipò àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ló tún kù tí èdè máa fún aláwàdà? Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ń pa ẹ̀fẹ̀ Yorùbá nílùú wa, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè. Èyí tó ń pa á ní gbogbo Sátidé, tó mú maikirofóònù lọ́wọ́ kan, tó mú fóònù lọ́wọ́ kejì, tó tún ń béèrè pé ṣé a ò gbọ́ ọ ni… adarí ètò ni.